Ẹ Má Pè É Ní Pupa Lásán: Èdè Yorùbá Nídìí Iṣẹ́ Fáíbà àti Máàsì

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ á ti bá irú wọn pàdé: àwọn ọkùnrin tó tò létí títì pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò tóóró kan tó gùn lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀ mọ́. Fáíbà ni wọ́n fẹ́ rì síbẹ̀, òun ni ìpè, dátà àti owó tí à ń fi fóònù ránṣẹ́ ń gbà kọjá. Níbòmíràn, lórí òkè, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gun máàsì. Yorùbá ni èdè iṣẹ́ láàárín wọn, kódà bí Ègùn tàbí Ìgbìrà bá wà níbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tí ẹnjiníà mú wá ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fọ́mánù ló sábà máa ń dúró láàárín ìwé àti dígà, ohun tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ jáde ni wọn yóò ṣe.

Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí máa ń rò pé àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá inú ìwé yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ńlá kì í dà wá láàmú, ṣe la máa ń yá a lò: fáíbà, kébù, máàsì, àńtẹ́nà, jóìnì, mànhóòlù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè á ti mọ mànhóòlù kó tó di ọ̀sán, nítorí wọ́n á ti rán an wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni èyí tí Yorùbá ti ní nílé tẹ́lẹ̀, tó jọ pé ó bá ohun tí ìwé ń wí mu, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ronú lé kó tó sọ ọ́ jáde: iná, jìn, pupa, fi í sílẹ̀.

Iná tí kò tàn

Wáyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe kébù fáíbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọ́. Wáyà tí gbogbo wa mọ̀, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Bó bá já, a óò bó ẹnu rẹ̀, a óò lọ́ ọ pọ̀, a óò fi téèpù wé e, iná á sì kọjá. Fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ni, tí wọ́n fà títí tí sísanra rẹ̀ fi di ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà, àárín rẹ̀ gan-an tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kò sì ju nǹkan bíi mẹ́sàn-án lọ bí a bá pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Ẹni tó bá lọ́ ọ pọ̀ bíi wáyà, á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ 'wáyà' yìí kan náà wà lára ohun tó ń mú kí àwọn olè máa hú u nílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gé e tán ni wọ́n ń rí i pé kò sí bàbà kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè gbé lọ tà, nígbà yẹn ìlú odindi kan á ti wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fọ́mánù tó mọ ohun tó ń ṣe kì í jẹ́ kí 'wáyà' ti ẹnu rẹ̀ jáde. Fáíbà ni yóò wí. Bí ẹni tuntun bá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, yóò dá a lóhùn pé okùn gíláàsì ni.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an tún le ju ti wáyà lọ. Lédè wa, iná ni èyí tí a fi ń dáná, iná ni ti mànàmáná, iná náà ni àtùpà. Bí òṣìṣẹ́ bá bèèrè pé, "Ṣé iná wà lára ẹ̀?" tí ẹnjiníà sì dáhùn pé kò sí, òótọ́ ló sọ: kò sí iná mànàmáná nínú fáíbà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tí ẹ̀rọ ń rán wọlé láti ìlú kejì. Ìwé iṣẹ́ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wo ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́. Fọ́mánù wá sọ fún wọn pé, "Ẹ má wo iná tó wà lẹ́nu ẹ̀." Ọmọ iṣẹ́ mú un, ó fi ojú gán-án-ní rẹ̀, ó ní ó ṣókùnkùn. Nítorí pé kò rí iná kankan, ó gbà pé kò sí ewu, ló bá sún un mọ́ ojú kó lè wò ó dáadáa.

Ohun tó fa èyí ni pé ojú èèyàn kò lè rí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí a ń lò lórí ọ̀nà jíjìn gùn tó nanómítà 1310 tàbí 1550, bẹ́ẹ̀ ojú wa kò rí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ kọjá 700. Pupa tó rẹ̀ dòdò ni ojú ń bá dé ìpẹ̀kun. Ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí yìí lè pa ojú lára láìjẹ́ pé ojú náà ṣẹ́jú, pàápàá lórí ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kún agbára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ní ọgbọ́n kan tí wọ́n kọ́ lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n: wọ́n á gbé kámẹ́rà fóònù sí iwájú rẹ̀, wọ́n á sì rí i tó ń tàn lójú fóònù. Òótọ́ ni ti rìmóòtù, nítorí ìgbì tirẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà fóònù kì í rí 1310, kì í sì í rí 1550. Ohun tó ń fi í hàn ni páwà mítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki ẹnu fáíbà bọ̀, tí yóò sì kọ iye ìmọ́lẹ̀ tó dé sójú rẹ̀.

Nítorí náà ìkìlọ̀ tó bá Yorùbá mu gbọ́dọ̀ gba ibòmíràn wọlé. Èyí tí mo gbọ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ nìyí: "Ìmọ́lẹ̀ wà nínú ẹ̀ tí ojú kì í rí. Bó bá ṣókùnkùn, ìgbà yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù ẹ̀." Ó gùn ju ti ìwé lọ, àmọ́ kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ dán an wò.

Jìn láti ibo?

Ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ fún ojú ọ̀nà ńlá ló ń béèrè pé kí kòtò jìn ní mítà 1.2. Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ń bá ara wọn sọ, èyí kò sì le, nítorí mítà 1.2 kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí a yọ ìka kan kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ń da erùpẹ̀ sí etí rẹ̀, òkìtì yẹn sì lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá gbé igi lé orí òkìtì, tó sì wọ̀n ọ́n dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló bá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni kòtò náà jìn sínú ilẹ̀. Kò parọ́. "Kòtò yìí jìn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin" ni wọ́n ní kó ṣe, ó sì ṣe é. Ohun tí wọn kò sọ fún un ni pé láti ojú ilẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ni. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tó ń fẹ títì bá gbé katapílà dé, ẹsẹ̀ kan tó dín yẹn ni yóò fi gbá fáíbà já.

Àwọn kan ti fi igi yanjú rẹ̀. Wọ́n gé igi kan sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n kan òmíràn dábùú orí rẹ̀. Igi tó dábùú ní láti gùn dé ojú ilẹ̀ gidi ní ẹ̀gbẹ́ kòtò méjèèjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro erùpẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ igi kò bá lómi lófo nísàlẹ̀, tó kan ilẹ̀ ṣáá, kòtò kò tíì jìn tó. Igi yẹn kò nílò ìtumọ̀ kankan.

Téèpù náà ní tirẹ̀. Ìwé ní kí wọ́n na téèpù ìkìlọ̀ sórí páìpù, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè rẹ̀, kí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè kọ́kọ́ kan téèpù kó tó kan fáíbà. Téèpù tí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń wé nǹkan tàbí èyí tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Bí a kò bá ṣàlàyé, yóò wé e mọ́ páìpù lára, ìkìlọ̀ kò sì ní dé etí ẹnikẹ́ni kí dígà tó dé.

Ti ká kébù tún fara jọ ti jíjìn. Bí a bá ń fa kébù wọ inú páìpù, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé ni ìlọ́po ogún sísanra kébù náà nígbà tí à ń fà á. Bó bá ti jókòó sí ibùgbé rẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá tó. Kébù tó bá san ní mìlímítà 15, ìlọ́po ogún rẹ̀ jẹ́ 300, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30, tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ṣùgbọ́n láti àárín òbírí dé etí rẹ̀ ni ìwé ń wí, kì í ṣe láti etí kan dé èkejì. Fọ́mánù tó bá ka 300 tó sì ní, "Ẹ ká a ní ẹsẹ̀ kan," yóò rí òbírí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjì ló yẹ kó fẹ̀. Ìdajì ni wọ́n ṣe. Bí mo bá wà níbẹ̀, n kò ní dárúkọ ọ̀rọ̀ àárín dé etí rárá. "Kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì láti ìhín dé ọ̀hún" ni mo máa ní kí wọ́n sọ, kí a ti ṣe ìṣirò náà tán nínú ọ́fíìsì.

Ibi tí kébù bá ti tẹ̀ jù kì í sábà já. Ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa jò síta níbẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí jóìnì tí kò dára: wọ́n á fi 1310 wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún fi 1550 wọ̀n ọ́n. Bí ohun tó sọnù ní ojú ibẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú méjèèjì, jóìnì ni kí wọ́n lọ tú. Bí ti 1550 bá pọ̀ ju ti 1310 lọ dáadáa, kébù ti tẹ̀ níbẹ̀, nítorí ìgbì tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń yọ́ jáde níbi ìtẹ̀.

Àwọ̀ méjìlá nínú èdè tó mọ mẹ́ta

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí gan-an nìyí. Bí a bá ya ara kébù olójú 48, a óò bá túùbù mẹ́rin nínú rẹ̀, fáíbà méjìlá sì wà nínú túùbù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ara wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ kébù tó ń wọ Nàìjíríà sì tẹ̀ lé, búlúù ni ìkíní, àwọ̀ ọsàn ni ìkejì, àwọ̀ ewé ìkẹta, búráùn ìkẹrin, àwọ̀ eérú ìkarùn-ún, funfun ìkẹfà, pupa ìkeje, dúdú ìkẹjọ, yẹ́lò ìkẹsàn-án, àwọ̀ àlùkò ìkẹwàá, píńkì ìkọkànlá, àwọ̀ omi òkun sì ni ìkejìlá. Àwọn túùbù náà tò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá fáíbà 29 yóò yọ túùbù méjì àkọ́kọ́ kúrò, ìyẹn 24, yóò ku 5. Túùbù kẹta ni, fáíbà karùn-ún: eérú nínú túùbù àwọ̀ ewé.

Yorùbá àtijọ́ ní àwọ̀ mẹ́ta tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn: dúdú, funfun, pupa. Kì í ṣe pé ojú àwọn baba wa kò ríran. Wọ́n rí gbogbo rẹ̀, abẹ́ orúkọ mẹ́ta ni wọ́n kàn kó o sí. Aṣọ aró dúdú, ewé tó yọ̀ dúdú, èédú náà dúdú. Epo pupa ni à ń pè é, ẹni tó bá sì gbé e sí oòrùn á rí i pé ó sún mọ́ ọsàn ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìyeyè tó pọ́n, ó pupa. Ọmọ tí kò dúdú, ó pupa. Ẹ wá gbé èyí lé orí fáíbà méjìlá, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ìkejì, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá, gbogbo wọn ló lè jẹ́ 'pupa' lẹ́nu àgbàlagbà tó ń sọ Yorùbá tó dán mọ́rán. Ìkíní, ìkẹta, ìkẹjọ, àti ìkẹwàá bí ilẹ̀ bá ti ṣú, dúdú ni.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká tẹ̀ lé e dé òpin. Kébù olójú 48 láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ já lálẹ́, katapílà ló gbá a. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n na kébù tuntun díẹ̀ sí i, wọ́n sì ní láti jo gbogbo fáíbà 48 pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni méjì ló wà nídìí jóìnì kan: ọ̀gá tó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fi iná kékeré yọ́ ẹnu gíláàsì méjì mọ́ra wọn, àti ọmọ iṣẹ́ tó ń fa fáíbà yọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé túùbù kejì. Ọ̀gá ní, "Fún mi ní pupa." Ọmọ iṣẹ́ wo inú túùbù lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ó fún un ní ti ọsàn. Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ, ó ti gbé pupa ti òdìkejì lé e tẹ́lẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n dé orí ọsàn, pupa ló kù, ó sì bọ́ síbẹ̀ láìsí wàhálà. Fáíbà 14 ti bá 19 gbéyàwó.

Ẹ̀rọ kò ráhùn. Ó kọ 0.02 dB sójú rẹ̀, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó sọnù níbẹ̀ kò tó nǹkan, torí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń gba tó 0.1 láyè. Lóòótọ́, jóìnì náà dára. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ó-tí-dí-áà síbẹ̀ láti Ìbàdàn, èyí tó ń rán ìmọ́lẹ̀ lọ tó sì ń ka èyí tó padà wá, kó lè mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti ibi tó ti sọ ìmọ́lẹ̀ nù. Fáíbà 14 dé Ọ̀yọ́, 19 náà dé Ọ̀yọ́, kò sí ibi tó ti já. Wọ́n di àpótí jóìnì, wọ́n da erùpẹ̀ bò ó, wọ́n lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ń lo 14 àti ẹni tó ń lo 19, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àwọn méjèèjì.

Ó-tí-dí-áà kò lè mọ̀ ọ́n. Ara aṣọ gíláàsì ni ọ̀dà wà, kò sí nínú gíláàsì. Lójú ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré kọjá, kò sí ọsàn, kò sí pupa, ọ̀nà kan ṣoṣo tó já geere ni. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni kí ẹni méjì dúró sí orí méjèèjì. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn yóò fi ẹ̀rọ rán ìmọ́lẹ̀ sí ẹnu 14, ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ yóò ki páwà mítà bọ 14. Bí mítà kò bá rí nǹkan kan, kó má ṣe sọ pé fáíbà ti já. Kó máa gbé mítà náà lọ láti ẹnu kan sí èkejì títí yóò fi kan ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bó bá bá a ní 19, a ti mọ ẹni tó jí ẹran. Wọn yóò padà sí jóìnì tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, wọn yóò gé méjèèjì, wọn yóò sì tún wọn jo. Iṣẹ́ kékeré ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Erùpẹ̀ tí wọ́n máa tún kó kúrò lórí àpótí ló ń gba ọ̀sán odindi.

Nítorí náà, kí la máa pè wọ́n? Àwọn kan ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ó ń ṣiṣẹ́ fún búlúù, yẹ́lò, píńkì àti búráùn, tí ọjà ti kọ́ gbogbo wa. Kò ṣiṣẹ́ fún eérú, àlùkò àti omi òkun, nítorí orúkọ tí ìwé fún wọn kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń gbọ́ lọ́jà aṣọ. Èrò tèmi ni pé kí á fi ohun tí èèyàn ti rí rí pe àwọn wọ̀nyí: eérú ni eérú, ẹnikẹ́ni tó ti dáná igi mọ̀ ọ́n. Ọsàn ni ọsàn. Kí 'pupa' àti 'dúdú' má sì dá jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá jẹ́ ìkeje ló ń fẹ́, kó ní "keje, ẹ̀jẹ̀". Bó bá jẹ́ ìkẹjọ, "kẹjọ, èédú". Ẹni tó ń fà á yọ yóò tún un sọ kó tó nà án fún un. Nọ́ńbà àti orúkọ pọ̀, tí ọ̀kan bá ṣìnà, èkejì á mú un padà.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tí a kò fi lo nọ́ńbà nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ayé ló tò ó bákan náà. Àwọn kébù tó tẹ̀ lé ìlànà Faransé, pupa ni wọ́n fi ṣe ìkíní, búlúù ìkejì, àwọ̀ ewé ìkẹta, yẹ́lò ìkẹrin. Ọmọ Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tó wá kan irú kébù bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, bó bá ń pe nọ́ńbà lórí, láti orí fáíbà àkọ́kọ́ ni yóò ti máa ṣì í. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó ka ìwé tó bá kébù wá.

Ohun méjì tún wà tí kì í ṣe ti èdè, ṣùgbọ́n tó ń ba èdè jẹ́. Inú túùbù kún fún ọ̀rá kan tó ń dènà omi, ó sì ń mú kí funfun, yẹ́lò àti eérú jọ ara wọn. Kí wọ́n fi ìnusọ tó mọ́ nù ún kí wọ́n tó dárúkọ àwọ̀ rẹ̀. Èkejì ni tọ́ọ̀ṣì: iná tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ń mú kí àwọn àwọ̀ kan jọ ara wọn. Iná funfun ni kí wọ́n lò. Káàdì kan tí wọ́n lẹ ègé fáíbà méjìlá gidi mọ́, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi téèpù tó mọ́ gaara bò ó, dára ju ìwé àlàyé lọ. Kí wọ́n rántí kó èérún gíláàsì tí wọ́n gé sínú ìgò tó ní ìdérí, nítorí bó bá wọ awọ ara, ojú kò ní rí i, ọwọ́ kò sì ní lè yọ ọ́.

Lókè máàsì

Ti máàsì kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Okùn ni ohun gbogbo lókè lọ́hùn-ún: okùn tí wọ́n fi ń fa àńtẹ́nà gòkè, okùn tí ẹni tó wà nílẹ̀ fi ń darí rẹ̀ kó má fi ara gbá irin, okùn irin tó fa máàsì mú kó má wó, àti okùn tí ẹni tó gùn ún fi so ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo pé, "Tú okùn yẹn!" èwo nínú wọn ni? Òfin àkọ́kọ́ ni pé okùn kì í dá rìn, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: okùn ẹrù, okùn ìdarí, okùn ara.

Ti okùn ara yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó ń gòkè wà ní síso ní ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: okùn ara ní ìkọ́ méjì. Gbé ọ̀kan kọ́ òkè kó o tó tú èyí tó wà nísàlẹ̀. Ìgbà kankan kò sí tí ìkọ́ méjèèjì yóò wà lófo. Bẹ́líìtì tí à ń pe aṣọ irin-gígùn yẹn náà ń tan èèyàn, torí ìdí ni bẹ́líìtì ń wà. Èyí ní ti itan àti ti èjìká, ẹni tó bá di ti ìdí nìkan, bó bá já bọ́, ó lè yọ́ jáde nínú rẹ̀ tàbí kó ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rù jù níbẹ̀ ni "fi í sílẹ̀". Ẹni tó wà lókè fẹ́ kí ẹni tó wà nílẹ̀ má fa okùn ìdarí mọ́, kó jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ó ní, "Fi í sílẹ̀!" Lédè Yorùbá, má fọwọ́ kàn án mọ́ ni, jù ú lẹ́ náà sì ni. Ẹni tó wà nídìí okùn ẹrù gbọ́ ọ bó ṣe yé e, ó ṣí ọwọ́. Àńtẹ́nà tó lè wúwo tó kílò mẹ́ta-dín-lọ́gbọ̀n ń bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbìyànjú láti fi "sọ̀ ọ́" rọ́pò rẹ̀, kó lè jẹ́ kí wọ́n rọra gbé e wálẹ̀. Ìyẹn burú sí i. Ohùn nìkan ló ya "sọ̀ ọ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "sọ ọ́", èyí tí í ṣe jù ú. Láti mítà ogójì sókè, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké nísàlẹ̀, ohùn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń sọnù nínú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá máa gòkè máàsì gbọ́dọ̀ ya ara wọn sọ́tọ̀ nínú lẹ́tà, kì í ṣe nínú ohùn nìkan. Mẹ́rin ló tó: "Fà", "Dẹ̀", èyí tó ní kí wọ́n máa fún okùn láàyè díẹ̀díẹ̀ láìṣí ọwọ́, "Dì í mú", àti "Dúró". "Tú u" kò gbọ́dọ̀ jáde títí bóòtù àńtẹ́nà yóò fi wọ irin, tí ẹni tó wà lókè yóò sì ti fi ọwọ́ jàn án wò. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa bá ẹni tó di okùn ẹrù sọ̀rọ̀, yálà fọ́mánù tàbí ẹni tó wà lókè, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lé e kí wọ́n tó gùn. Ṣùgbọ́n "Dúró" kò ní olówó: ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun tí kò dára lè ké e, títí kan mégáàdì, ẹni tó di okùn ẹrù sì gbọ́dọ̀ dúró kó tó bèèrè ìdí.